Ẹnu Yorùbá àti Faransé: bí a ṣe lè ya *u* kúrò lára *ou*, àti ọ̀rọ̀ *an*, *on*, *in*

Ìyábọ̀_Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìdánwò DELF B1 mi ku oṣù méjì, ìró inú ẹnu ló ń dà mí láàmú, kì í ṣe gírámà. Bí mo bá ní *au-dessus*, *au-dessous* ni olùkọ́ wa ń gbọ́. Mo ní òkè, ó gbọ́ ìsàlẹ̀. Bí mo bá sì ní *c'est long*, ó ní *c'est non* ni mo sọ. Ó ní kí n máa tẹ́tí dáadáa, àmọ́ létí tèmi ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n fi ahọ́n àti ètè ṣe gan-an? Ogún ìṣẹ́jú ni mo lè yà sọ́tọ̀ lójúmọ́.

Bàbá_Kétu

Ìyábọ̀ ọmọ mi, jẹ́ ká mú *u* ṣáájú.

Ìró tí a ń kọ ní u nínú "iṣu" àti "ìlú", òun gan-an ni Faransé ń kọ ní *ou*. *U* tiwọn kò sí nínú Yorùbá rárá. Ìdí nìyẹn tí ojú rẹ fi ń ka *rue* tí ẹnu rẹ ń pe *roue*: òpópónà lo ní lọ́kàn, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n gbọ́.

Ìgbésẹ̀ náà rèé. Pe i inú "igi", kí o fà á gùn: iiii. Wo ibi tí ahọ́n rẹ wà. Ṣóńṣó rẹ̀ ń fara kan ẹ̀yìn eyín ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ń kan eyín òkè. Fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Má dá ohùn dúró, máa ká ètè pọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni fẹ́ súfèé. Bí ahọ́n kò bá kúrò níbi tó wà, ìró tó jáde ni *u*.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé bí ètè bá ti ń ká, ahọ́n á sá padà sẹ́yìn láìjẹ́ pé o mọ̀. Ohun tó fà á ni pé nínú Yorùbá, gbogbo fáwẹ̀lì tí a ń ká ètè fún, u, o, ọ, ẹ̀yìn ẹnu ni wọ́n wà. Ètè àti ahọ́n ti ń bára wọn rìn láti kékeré. Iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ ni láti já àjọrìn yẹn: ètè á ṣe bí ti u, ahọ́n á ṣe bí ti i.

Ṣeun_Lọ́mẹ̀

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ gùn jù. Pe i àti u pọ̀ kíákíá ni, aunty: "tiu", "diu", "siu". Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́ ní Lọ́mẹ́ níbí, wọ́n sì ń gbọ́ mi.

Bàbá_Kétu

Ṣeun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. "Diu" ń gbé ahọ́n wá síwájú, ó sì sàn ju "du" lọ. Ṣùgbọ́n ìró méjì ni, ó bẹ̀rẹ̀ ní i, ó parí sí u tiwa. Wọ́n ń gbọ́ ẹ nítorí pé gbólóhùn tó yí ọ̀rọ̀ náà ká ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Gbé fóònù, gba ohùn ara rẹ sílẹ̀, kí o fa *tu* fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Gbọ́ ìparí rẹ̀ nìkan. Bí ó bá ti di "uuu" bíi ti iṣu, *tout* lo parí sí. *U* tó dára, ìró kan náà ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Bí o bá fẹ́ ìmúra, "yi" ló dára. Sọ "yi, yi, yi", dúró, má gbé ahọ́n, ká ètè, kí o wá pe *u*.

Olùkọ́_Bàdágìrì

Ẹ ṣé sà. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun èlò méjì kún un, torí dígí nìkan kò tó. Dígí máa fi ìyàtọ̀ i àti *u* hàn yín, torí ètè ni. Kò lè fi ìyàtọ̀ *u* àti *ou* hàn, torí ètè méjèèjì jọra, inú ni ọ̀rọ̀ wà.

Èkínní ni sítíróò tí a fi ń mu mínírà. Fi ètè mú un, kì í ṣe eyín, kó wọlé díẹ̀ péré, kí ẹ wá gbìyànjú láti pe i. Sítíróò kò ní jẹ́ kí ètè fẹ̀, ọkàn yín sì wà lórí i, nítorí náà ahọ́n kò ní ìdí láti sá. Ohun tí ẹ ó gbọ́ ni *u*. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́wàá, ẹ yọ sítíróò, kí ẹ ṣe é láìsí i.

Èkejì ni pákò tó mọ́. Ẹ fi orí rẹ̀ kan ẹ̀yìn eyín ìsàlẹ̀, kó kàn kan ṣóńṣó ahọ́n. Ẹ pe i: ahọ́n ń kan pákò. Ẹ pe *u*: ó gbọ́dọ̀ ṣì máa kàn án. Ẹ pe *ou*: ahọ́n á fi pákò sílẹ̀, á lọ sẹ́yìn. Bí ó bá fi pákò sílẹ̀ nígbà tí ẹ ń pe *u*, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún yín.

Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú *rue*. R Faransé ń fa ẹ̀yìn ahọ́n sẹ́yìn, kò ní jẹ́ kí ẹ rí *u* mú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí kọ́ńsónáǹtì ti gbé ahọ́n síwájú fún yín: *su*, *tu*, *du*, *lu*. Lẹ́yìn náà *bu*, *pu*, *vu*, torí ètè ló ń ṣe b, p àti v, ahọ́n wà lómìnira. Ìgbẹ̀yìn pátápátá ni *rue*, *sur*, *cure*. Ní ti *ou*, òdìkejì ni: *cou* àti *roue* rọrùn, *tout* àti *doux* ló máa ń fẹ́ yí padà di *tu* àti *du* fún ẹni tó ti ń dára ya.

Adé_Peckham

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kì í ṣe àmì ohùn ni ìdáhùn ni? Mo rí *ou* àti *où* nínú ìwé ọmọ mi. Mo rò pé *où* ní ohùn ìsàlẹ̀, *ou* ní ohùn àárín. Bí aunty bá pe èkínní nísàlẹ̀, ṣé kò parí?

Olùkọ́_Bàdágìrì

Ẹ kú ìbéèrè sà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Àmì orí *où* kì í ṣe ti ohùn. Ojú ló wà fún, kí ẹni tó ń kàwé lè mọ "níbo" yàtọ̀ sí "tàbí". Bákan náà ni a ń pe méjèèjì. Faransé kò ní ohùn mẹ́ta tiwa.

Ṣùgbọ́n ẹ ti fọwọ́ kan ohun kan tó ń tan àwa Yorùbá jẹ ju ohun gbogbo lọ. Bí a bá fún ẹni tó ń sọ Yorùbá ní *tu* àti *tout* láti pè, tí a ní kó ya wọ́n sọ́tọ̀, etí rẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí nǹkan yàtọ̀, ẹnu rẹ̀ á sì lo ohun tó mọ̀ ọ́n lò jù láti ya ọ̀rọ̀, ìyẹn ohùn. Ó á ní "tú" fún *tu*, "tù" fún *tout*. Létí tirẹ̀, ó ti yà wọ́n. Létí ará Faransé, *tout, tout* ló sọ, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bí ẹ bá gba ohùn yín sílẹ̀, tí ẹ gbọ́ re-dò tàbí mí-dò láàárín ìró méjèèjì, ẹ mọ̀ pé ibi tí ẹ bọ́ sí nìyẹn.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ pe gbogbo rẹ̀ lórí ohùn àárín kan ṣoṣo: *tu, tout, su, sous, vu, vous*, bí ẹni ń ka "re, re, re". Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, atẹ́gùn lásán, láìsí ohùn nínú rẹ̀. Níbi tí ohùn kò sí, kò sí dò, kò sí mí, ahọ́n nìkan ló kù láti ṣiṣẹ́. Ẹ fi atẹ́gùn sọ *i, u, ou* léraléra. Bí ahọ́n bá ń ṣe ohun tó yẹ, ariwo atẹ́gùn yẹn á máa sọ̀ kalẹ̀: i ló mú jù, *u* tẹ̀lé e, *ou* wúwo jù. Bí *u* àti *ou* bá dún bákan náà nínú atẹ́gùn, ẹ kò tíì yà wọ́n.

Ìyábọ̀_Ìbàdàn

Mà, mo ṣe ti atẹ́gùn yìí báyìí. Tí mo bá ń sọ ọ́ jáde, ó dà bíi pé ó yàtọ̀. Nínú atẹ́gùn, ọ̀kan náà ni! Ó ti yé mi ìdí tí olùkọ́ fi ń gbọ́ *dessous*.

Olùkọ́_Bàdágìrì

Ó dára tí o rí i. Ẹ̀yìn tí atẹ́gùn bá ti yàtọ̀ ni kí o wá padà sí *dessus* àti *dessous*. S á gbé ahọ́n síwájú fún ọ: dúró lórí *sss*, ká ètè nígbà tí s ṣì ń lọ, kí o tó tú u sínú *u*.

Kí n sọ èyí náà, torí ó máa ń tini lójú ní gbangba. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ *u* máa ń fẹ́ fi í sí ibi gbogbo. Nínú *merci beaucoup*, *ou* tiwa tó wà nínú iṣu ló ń jẹ́. Bí ẹ bá fi *u* síbẹ̀, ọ̀rọ̀ nípa ìdí ènìyàn lẹ sọ fún ẹni tó ṣe yín lóore.

Ọmọ_Pobè

Ẹ kú ìjíròrò. Ẹ jẹ́ ká dé orí *c'est long*. Fáwẹ̀lì àránmúpè kò yẹ kó le fún Yorùbá, a ní wọn tẹ́lẹ̀: in, un, ẹn, an, ọn. Ẹ fi an inú "ìtàn" pe *an*, ẹ fi ọn inú "ìbọn" pe *on*. Ó tán.

Bàbá_Kétu

Apá kan rẹ̀ jẹ́ òótọ́, òun ló sì yẹ ká kọ́kọ́ dì mú: kò sẹ́ni tó ní láti kọ́ wa bí a ṣe ń ṣí imú fún fáwẹ̀lì. Nínú "ìbọn", ahọ́n kì í fò lọ kan àjà ẹnu láti pe n. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ìwà Gẹ̀ẹ́sì tí a kọ́ nílé ìwé. Ẹni tó bá pe *bon* tí ahọ́n rẹ̀ kan ẹ̀yìn eyín òkè ní ìparí, *bonne* ló sọ.

Ṣùgbọ́n an àti ọn tí o yà sọ́tọ̀ yẹn, ìwé ló yà wọ́n. Pe "ìtàn" àti "ìbọn" tẹ̀léra wọn, kí o fetí sí fáwẹ̀lì nìkan. Ní ẹnu ọ̀pọ̀ jù lọ wa, ọ̀kan náà ni. Lẹ́yìn b, f, w, p àti gb ni a ń kọ ọ́ ní ọn, lẹ́yìn àwọn yòókù a ń kọ ọ́ ní an. Faransé ní méjì, *banc* àti *bon*, àga gbọọrọ àti "dáadáa". Ìró kan ṣoṣo la fi ń pe méjèèjì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ìró ìbọn yẹn, *an* ni ará Párìsì máa ń gbọ́ nínú rẹ̀, kì í ṣe *on*. *On* tiwọn ká ju ọn wa lọ, *an* tiwọn sì ń rọ́ sẹ́yìn ẹnu. Nítorí náà, ẹni tó bá fi ìbọn pe *bon*, àga ló sọ.

Ẹ gbàgbé ìbọn àti ìtàn pátápátá. Ẹ mú fáwẹ̀lì àìránmúpè tiwa mẹ́ta, o, a àti ẹ, kí ẹ ṣí imú lé wọn lórí. Fún *on*, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti o inú "owó", kì í ṣe ọ. Ẹ pe *beau*, fà á gùn, má gbé ètè, má gbé àgbọ̀n, kí ẹ wá jẹ́ kí atẹ́gùn gba imú: *beau, bon*. Bákan náà ni *pot, pont*. Fún *an*, láti a inú "ata": *bas, banc*. Àgbọ̀n wà nísàlẹ̀, ètè kò ká rárá. Fún *in*, láti ẹ inú "ẹja": *paix, pain*. Ẹn inú "ìyẹn" sún mọ́ *in* yìí gan-an, a kàn máa la ẹnu sí i díẹ̀.

Dígí wúlò níbí. *Bon*: ihò kékeré láàárín ètè. *Banc*: ẹnu là, ètè wà jẹ́ẹ́. *Bain*: ètè fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí *bon* àti *banc* bá jọra nínú dígí, wọ́n jọra létí ẹlòmíràn náà.

Ọmọ_Pobè

Mo gbà pé ìwé ló pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ mi, bàbá. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà níbí tí an wọn là ju ọn lọ. Bóyá Fọ̀n tó yí wa ká ni, torí Fọ̀n ní an àti ọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ Fọ̀n, kó bẹ̀rẹ̀ *banc* láti ibẹ̀. Ní ti *u*, Fọ̀n kò ní i, gbogbo wa jọ wà nínú rẹ̀ ni.

Bàbá_Kétu

Ìyẹn ṣeé ṣe. Ẹnu Yorùbá kì í ṣe ọ̀kan, mi ò ní bá ọ jiyàn lé e.

Ìyábọ̀_Ìbàdàn

Ẹ ṣé sà. Àmọ́ *c'est long*, kí ló dé tó fi ń di *non*? Mo mọ̀ pé l ni mo ní lọ́kàn.

Olùkọ́_Bàdágìrì

L ni o ní lọ́kàn lóòótọ́, Yorùbá ló yí i padà fún ọ. L àti n, ọmọ ìyá ni wọ́n nínú èdè wa. "Ní ọjà" di "lọ́jà", "ní ilé" di "nílé". Ṣáájú fáwẹ̀lì àránmúpè, n nìkan la ń lò, kò sí "lọn" tàbí "lin" nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Imú ti ṣí sílẹ̀ fún *on* kí ahọ́n tó kúrò lórí l, l tí imú ṣí fún sì ti di n nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni *lent*, *lin*, *lundi*.

Fi ìka méjì di imú rẹ, kí o pe *long*. Bí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá dí pa, tí atẹ́gùn kò rọ́nà, n ni o pè. L kò nílò imú, ó máa kọjá láìsí ìdíwọ́. Láti tún un ṣe, pe *l'eau* gùn, imú wà ní dídì, *looo*, kí o tú imú sílẹ̀ ní àárín o: *lo-on*. Máa gé o kúrú títí l àti *on* yóò fi pàdé láìjẹ́ pé l bàjẹ́. Ìgbà mẹ́wàá lójúmọ́ tó.

Ṣeun_Lọ́mẹ̀

*Lundi* yẹn ńkọ́? "Nundi" ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ilé.

Bàbá_Kétu

Àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀, l tó di n, àti ìkọsílẹ̀ tó ń tanni. *In* Faransé kì í ṣe in inú "ìrìn", *un* kì í ṣe un inú "ikún". Lẹ́tà jọra, ìró kò bára tan. Ní Párìsì, *un* ti bọ́ sínú *in*, *brun* àti *brin* dún bákan náà. Ẹ fi ẹn pe méjèèjì.

Olùkọ́_Bàdágìrì

Níbí, mi ò bá yín lọ, sà. Ní gúúsù Faransé, ní Bẹ́ljíọ̀m àti ní Kẹ̀bẹ́ẹ̀kì, wọ́n ṣì ń yà wọ́n. Mo máa ń ní kí ọmọ ká ètè díẹ̀ lórí ẹn fún *un*. Kò ná an ní ohunkóhun, ẹni tó ń yà wọ́n á sì gbọ́ ọ.

Bàbá_Kétu

Ó ná an ní àkókò, oṣù méjì péré ló ní. Àmọ́ ti yín kò burú.

Ìyábọ̀, gba gbólóhùn kan tó kó gbogbo rẹ̀ jọ: *Mon oncle a vendu tout son vin blanc lundi.* Má kà á tán lẹ́ẹ̀kan. *Mon oncle*: n ń so wọ́n pọ̀, méjèèjì láti o. *Vendu*: àgbọ̀n sọ̀ kalẹ̀ fún *ven*, d gbé ahọ́n wá síwájú, ká ètè, *u*. Wá dúró síbẹ̀, torí *du tout* ni ọkàn gbólóhùn yìí. Ètè kò gbọdọ̀ yí padà láti *du* sí *tout*, ahọ́n nìkan ló ń rìn lọ sẹ́yìn. Pe *du-tout-du-tout* lórí ohùn kan, kí pákò jẹ́rìí. *Vin*: eyín òkè lórí ètè ìsàlẹ̀, ohùn ń dún nínú ọ̀fun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó di *fin*. *Blanc*: má fi fáwẹ̀lì sáàárín b àti l, kí l má sì di n. *Lundi* o ti mọ̀.

Olùkọ́_Bàdágìrì

Ní ti ogún ìṣẹ́jú rẹ: márùn-ún fún sítíróò àti atẹ́gùn, márùn-ún fún *beau-bon, bas-banc, paix-pain*, márùn-ún fún gbólóhùn bàbá. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó kù, ẹlòmíràn ni kó gbọ́ ọ. Kọ ọ̀rọ̀ ogún sí pépà, *su, sous, vu, vous, bon, banc, long, lent* àti irú wọn, dà wọ́n rú, kà wọ́n sórí fóònù, fi ránṣẹ́ sí ẹni tó gbọ́ Faransé dénú, kó kọ ohun tó gbọ́. Má jẹ́ kó rí pépà tìrẹ. Bí ó bá gbọ́ mẹ́rìndínlógún bó ṣe yẹ, tẹ̀ síwájú. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, wo èyí tó ń ṣì gbọ́, òun nìkan ni kí o ṣe lọ́jọ́ kejì.

Adé_Peckham

Ẹ ṣé gan-an. Ọmọ mi ń pe *lui* bíi *Louis*. Ṣé *u* yìí náà ni?

Olùkọ́_Bàdágìrì

Òun náà ni sà. Nínú *Louis*, w wa ló wà níbẹ̀, bíi "lwi". Nínú *lui*, *u* ni, ó kàn kúrú. Kó kọ́kọ́ pe *lu… i* ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìṣẹ́jú-àáyá kan láàárín, kó máa dín àlàfo náà kù. Láti *u* sí *i*, ètè nìkan ló ń ṣí, ahọ́n kò lọ síbì kankan. Bí ó bá gbọ́ w láàárín, ahọ́n ti sá sẹ́yìn.

Ìyábọ̀_Ìbàdàn

Mo ti ra sítíróò. Màá fi ọ̀rọ̀ ogún àkọ́kọ́ síbí lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ bá mi gbọ́ wọn.